Àmì Orí "Jẹ́"

Sàídátù Làsísì kì í tètè dárí ji ènìyàn. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ ọ́, láìtijú. Ìbínú àwọn mìíràn dà bí iná pépà: ó ru, ó kú. Tirẹ̀ jẹ́ èédú. Kò ní ọwọ́ iná rárá. Ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ kàn án.

Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ti lé lógún ọdún tó ti ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ọ̀rá, ní ilé-iṣẹ́ kan lẹ́yìn ojú irin Agége, níbi tí òórùn ọ̀rá gbígbóná ti ń pàdé òórùn búrẹ́dì láràárọ̀. Hóró ọ̀rá ni wọ́n ń dà sẹ́nu ẹ̀rọ. Ooru á yọ́ ọ. Afẹ́fẹ́ á fẹ́ ẹ bíi bàlúùn, gbọọrọ, á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òrùlé. Bó bá dókè, rólà méjì á tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, wọ́n á wá ká a jọ sí róòlù. Iṣẹ́ tó dà bíi pé kò le. Títí ọ̀rá á fi bẹ̀rẹ̀ sí í ya, tàbí kó lẹ̀ mọ́ra, tàbí kí ojú rẹ̀ há, kó rí ṣákiṣàki bí awọ ẹja.

Tíṣà ni bàbá rẹ̀. Tíṣà Yorùbá. Bí ọmọ bá kọ "ọkọ" láìfàmì sí i, wọ́n á bi í pé ṣé ọkọ ìyàwó ni, àbí ọkọ́ tí a fi ń ro oko, àbí ọkọ̀ tí a fẹ́ wọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́. Kí ọmọ tó dáhùn, ẹgba ti dé. Títí di òní, bí Sàídátù bá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ẹni tó ń ta ẹja fún un, àmì á pé lórí rẹ̀.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn ni Alhaji Dàwódù, tó ni ilé-iṣẹ́ náà, ra tábúlẹ́ẹ̀tì kan fún ẹ̀ka ẹ̀rọ. AI wà lórí rẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè gbé e, kó bi í ní ìbéèrè. Nítorí pé ọwọ́ gbogbo ènìyàn ló ń dé ibẹ̀, Alhaji ní kí wọ́n ṣètò rẹ̀ kó má máa tọ́jú ìjíròrò ẹnikẹ́ni. Bí o bá ti pa á dé, ó tán.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Sàídátù tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ pé ọ̀rá òun ń lẹ̀ mọ́ra, kí ni kí òun ṣe. AI ní kó gbé e sí ibi tó tutù, kó sì ré ojú rẹ̀ kúrò lórí ọbẹ̀.

Rachael, tó ń darí ẹ̀rọ kẹta, rẹ́rìn-ín títí ó fi gbá ògiri mú. "Àǹtí, ọ̀rá ẹran ló rò pé ẹ ń sọ. Ẹ gbé ẹ̀rọ kẹta sínú fìríìjì."

Sàídátù kò rẹ́rìn-ín. Ó tún un sọ. Ọ̀rá tí a fi ń di nǹkan. Irú ẹ̀rọ báyìí. Irú hóró báyìí. Ìwọ̀n ooru báyìí. Nígbà yìí, ìdáhùn tó bọ́ sí i gún régé: dín ooru kù díẹ̀, fi kún afẹ́fẹ́ tó ń tù ú, má jẹ́ kí rólà tẹ̀ ẹ́ jù. Wọ́n ṣe é. Ọ̀rá ṣí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó padà síbẹ̀ bí ẹni padà sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́. "Èyí tí a sọ lánàá ńkọ́?" AI ní òun kò ní àkọsílẹ̀ ìjíròrò àná, àmọ́ bó bá lè ṣàlàyé, òun ti múra láti ṣèrànwọ́.

Ó bí i nínú. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ló ra ìwé àjákọ kan lọ́jà Agége. Eléèpo líle. Ojúewé igba.

Ojúewé kìíní: ta ni òun, ẹ̀rọ wo ló wà ní ilé-iṣẹ́, irú hóró wo ni wọ́n ń lò, kí ni ọ̀rá túmọ̀ sí níbí. Láti ojúewé kejì: ọjọ́. Ìbéèrè, bó ṣe bi í gẹ́lẹ́, nítorí ó ti rí i pé bí ìbéèrè bá yí díẹ̀, ìdáhùn náà á yí. Ìdáhùn, ní kúkúrú. Lẹ́yìn náà, ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n dán an wò.

Láràárọ̀ tí ìṣòro bá wà, á tẹ ojúewé kìíní sínú tábúlẹ́ẹ̀tì, á tẹ àwọn ojúewé tó kan ìṣòro ọjọ́ náà tẹ̀ lé e, kó tó béèrè ohunkóhun. Ó dà bíi kí ènìyàn máa fi ara rẹ̀ han àlejò kan náà lójoojúmọ́. Àlejò tó gbọ́n. Àlejò tí kò rántí àná. Ìwé náà ni àná wọn.

Gbogbo ìdáhùn kọ́ ló dára. AI kò rí ẹ̀rọ kẹta rí. Kò mọ̀ pé ẹ̀rọ kẹta ní ìwà tirẹ̀, pé ooru tí ẹ̀rọ kejì ń fara dà, yóò ba tirẹ̀ jẹ́. Ìdí nìyẹn tí Sàídátù fi ń ṣe ìdájọ́ nísàlẹ̀ ìdáhùn kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ méjì péré.

Bí ó bá ṣiṣẹ́: Ó jẹ́. Bí oògùn ṣe ń jẹ́.

Bí ó bá ba ọ̀rá jẹ́: Ó jẹ. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ ọ́ lórí iṣẹ́ wọn. Bí ẹ̀rọ bá ba nǹkan jẹ́, wọ́n á ní ó ti jẹ ẹ́.

Kì í fa èyí tó kùnà ya. Ó mọ̀ pé bí òun kò bá sọ fún AI pé a ti dán ìyẹn wò, ó lè tún gbé ìmọ̀ràn kan náà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, pẹ̀lú ohùn dídùn kan náà.

Nígbà tó fi máa pé ọdún kan àbọ̀, kò sí ẹni tó ń bọ́ sídìí ẹ̀rọ láìbi Àǹtí Sàídá. Olórí ẹ̀ka ti fẹ̀yìn tì. Òun ló ń di ipò náà mú. Ó ku kí Alhaji sọ ọ́ jáde.

Ó lọ ṣe Iléyá ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì. Ìwé àjákọ wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, kò tì í.

Nígbà tó dé, pépà tí wọ́n fi ọ̀rá bò wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. ILANA ISE ERO. LATI OWO ENJINIA JOB. Job, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, tó ń tún ẹ̀rọ ṣe. Ọmọlúàbí lẹ́nu, tó máa ń dọ̀bálẹ̀ kó tó béèrè sípánà. Alhaji ti fi í ṣe olórí ẹ̀ka ní ọjọ́ karùn-ún tí Sàídátù lọ.

Ó kà á. Gbólóhùn tirẹ̀ ni. Ìbéèrè tirẹ̀. "Bàlúùn ń jó bí ọmọge" wà níbẹ̀. Òun ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ kan tí inú rẹ̀ dùn.

Ó bá Job nínú yàrá olórí ẹ̀ka.

"Job, ìwé mi lo dà kọ."

"Àlhájà, ẹ káàbọ̀. Iléyá yá o. Ẹran wa dà?"

"Mi ò tíì lọ sí Mẹ́kà, má pè mí ní Àlhájà. Ìwé mi lo dà kọ."

Job rọra fẹ̀yìn ti àga. "Màámi, ṣé ẹ̀yin lẹ bí AI ni? Ẹ bi í léèrè, ó dá yín lóhùn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni, kì í ṣe tiyín. Tí mo bá bi í, ó máa dá èmi náà lóhùn."

"Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí o kò bi í?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣáà jókòó síta díẹ̀. Mo ń retí ìpè kan."

Sàídátù jókòó síta. Lórí bẹ́ǹṣì, níwájú àwọn tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ níṣẹ́. Wákàtí kan. Job jáde, ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó lọ jẹun.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, lẹ́yìn ìrun Alásárì, ó tún dúró síwájú pépà ara ògiri. Kì í ṣe pé ó fẹ́ kà á. Ojú rẹ̀ ló kàn ṣubú sí i. Ìgbà yẹn ló rí i.

Kò sí àmì.

Job ti tẹ gbogbo rẹ̀ bí gbogbo ayé ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Lásán. O je. O je. O je. Ó kà wọ́n pẹ̀lú ìka. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Nínú ìwé tirẹ̀, mọ́kàndínlógún ló jẹ́. Méjìlá ló jẹ. Níbí, gbogbo wọn ti di ọ̀kan.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e dé ẹnu ọ̀nà Job láti sọ fún un. Ó rí bẹ́ǹṣì. Ó yí padà.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi dúró. Kò wí fún ẹnikẹ́ni. Ó ń kí Job láràárọ̀, ó tilẹ̀ ń bi í léèrè àwọn òbí rẹ̀. Nígbà tó bá wà nìkan, á ṣí ìwé àjákọ, á wo ojúewé méjìlá náà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wo ẹyin lábẹ́ adìẹ.

Ọjọ́ tó ń retí dé. Ilé búrẹ́dì ńlá kan fẹ́ ọ̀rá tuntun: kó mọ́ gaara, kí ènìyàn rí búrẹ́dì nínú rẹ̀ bí ẹni rí i lórí àwo. Obìnrin tó ń ra ọjà fún wọn wá fúnra rẹ̀, ó fẹ́ wo àpẹẹrẹ. Alhaji sọ fún Job létí gbogbo ènìyàn pé iṣẹ́ yìí ló máa fi hàn bóyá àga náà bá a mu.

Ẹ̀rọ kẹta ni wọ́n lò. Ojú ọ̀rá há láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò mọ́. Job gbé tábúlẹ́ẹ̀tì, ó da gbogbo Ìlànà rẹ̀ sínú AI, ó béèrè ohun tí wọ́n máa ṣe. Rachael dúró lápá ọ̀tún rẹ̀. Sàídátù dúró lẹ́yìn, ó ga ju Job lọ díẹ̀, ó ń rí ojú tábúlẹ́ẹ̀tì náà dáadáa.

AI kọ ọ́ pé àkọsílẹ̀ yìí fi hàn pé wọ́n ti gbé ooru orí ẹ̀rọ kẹta dé igba ó dín márùn-ún rí nítorí ojú híhá. Lẹ́yìn náà: "Kí n tó dábàá rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, 'o je' tí ẹ kọ síwájú rẹ̀, ṣé ohun tó túmọ̀ sí ni pé ó ṣiṣẹ́? Kò sí àmì ohùn lórí rẹ̀, ó sì lè ní ìtumọ̀ mìíràn."

Job pòṣé. "AI náà fẹ́ kọ́ mi ní Yorùbá."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

Sàídátù ti ka ìbéèrè náà kí Job tó kà á. Ojúewé kẹtàléláàádọ́ta ni, ó mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ orúkọ ọmọ rẹ̀. Ó jẹ. Ojú mọ́, inú lẹ̀. Róòlù mẹ́ta la dànù. Job kàn ní láti bojú wẹ̀yìn. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Bó bá bojú wẹ̀yìn, kò dá Sàídátù lójú pé òun á lè dákẹ́. Ó gbàdúrà. Ya Ọlọ́hun, má jẹ́ kó yíjú.

Kò yíjú. Ó tẹ̀ ẹ́: Beeni. O sise.

"Rachael, gbé ooru lọ sókè. Igba ó dín márùn-ún."

"Ẹńjiníà, ẹ̀rọ kẹta yìí, ṣé kò ní pọ̀ jù?"

"Ṣé ìwọ ló ń ka Ìlànà ni, àbí èmi?"

Rachael gbé e lọ sókè.

Ojú ọ̀rá náà mọ́. Ó mọ́ débi pé ẹnu ya Alhaji. Gaara, bí omi ẹ̀rọ. Job ya fọ́tò pẹ̀lú obìnrin ilé búrẹ́dì náà. Róòlù mẹ́jọ ni wọ́n ká. Òkè, níbi tí ẹnikẹ́ni kò wò, ni bàlúùn ti ń mì, tí ọ̀rá ń dé àárín rólà nígbà tí kò tíì tutù.

Obìnrin náà ní kí wọ́n gé díẹ̀ fún òun. Ó fi ìka gbìyànjú láti ṣí i. Ó fi èékánná. Ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ti lẹ̀ bí ẹni tó búra.

"Ẹ̀yin ará ibí," ó sọ pẹ̀lẹ́, "níbo ni búrẹ́dì máa gbà wọlé?"

Ó kó báàgì rẹ̀, ó dágbére fún Alhaji, ó lọ.

Sàídátù lọ sílé lọ́jọ́ náà, ó se ìrẹsì, ó jẹ àwo méjì. Kò tíì jẹun dáadáa bẹ́ẹ̀ láti Iléyá.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Rachael wá bá a nídìí àpótí hóró. Kò sunkún. Ó kàn na pépà kan sí i.

"Kúẹ́rì ni, Àǹtí. Job ní mo gbé ooru sókè láìgbàṣẹ. Ọ̀la ni kí n fèsì. Bí Alhaji bá gbà á gbọ́, mo ti kúrò níbí nìyẹn."

Sàídátù ka pépà náà. Ó tún un kà.

"Ẹ wà níbẹ̀," Rachael ní. "Ẹ gbọ́ nígbà tó pàṣẹ."

"Mo wà níbẹ̀."

Kò ro ti Rachael. Nínú gbogbo ìrònú ọjọ́ mẹ́sàn-án, Rachael kò sí níbẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni òun ń dọdẹ. Kò wo ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹran.

Bó bá mú ìwé lọ sọ́dọ̀ Alhaji, Alhaji á mọ̀ pé òun ti mọ̀, òun sì dákẹ́. Bí kò bá mú un lọ, Job á fi orí Rachael gba ara rẹ̀ là, á tún padà sórí àga. Ìyẹn gan-an ni kò lè fara dà. Ó gbé ìwé àjákọ sábẹ́ apá.

Alhaji Dàwódù ń mu kókó nígbà tí Sàídátù àti Rachael wọlé. Job ti wà níbẹ̀, ó ń ṣàlàyé. Sàídátù kúnlẹ̀, ó dìde, ó gbé ìwé sórí tábìlì, ó ṣí i sí ojúewé kẹtàléláàádọ́ta.

"Alhaji, ẹ bá mi ní kí Job kà á sókè."

"Kí nìyí?"

"Ibi tí Ìlànà ti wá ni. Ọjọ́ wà lórí gbogbo ojúewé. Àkọ́kọ́ ti lé lọ́dún kan kí Job tó kọ tirẹ̀."

Alhaji wo Job. Job wolẹ̀.

"Kà á," Alhaji ní.

Ó kà á, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, ó ní, "Ó jẹ́."

"Tún un wò," Sàídátù ní. "Kò sí nǹkan lórí ẹ̀."

"Ó… jẹ."

"Ṣí ojúewé tó kàn. Kà á."

"Ó jẹ́."

"Padà sẹ́yìn. Ojúewé kẹtàléláàádọ́ta. Kà á kí Rachael gbọ́."

"Ó jẹ."

"Ìyàtọ̀ wo ló wà níbẹ̀?" Alhaji béèrè.

"Oògùn tó jẹ́, Alhaji. Àti eku tó jẹ aṣọ. Mo kọ méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Job dà wọ́n pọ̀ nítorí kò mọ ohun tó jí. AI alára rí i, ó bi í léèrè. Job ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣiṣẹ́. Òun ló sì pàṣẹ fún Rachael. Gbogbo wa la gbọ́."

Alhaji gba kúẹ́rì lọ́wọ́ Rachael, ó fà á ya sí méjì, ó sọ ọ́ sínú garawa. Rachael mí kanlẹ̀. Alhaji gbójú sókè.

"Sàídátù. O wà níbẹ̀ nígbà tí AI bi í?"

"Mo wà níbẹ̀."

"O rí ìbéèrè náà?"

"Mo kà á kí òun tó kà á."

"O sì dákẹ́."

"Mo dákẹ́, Alhaji."

"Kí ló dé?"

Ó lè purọ́. Ó lè ní ariwo ẹ̀rọ pọ̀.

"Ó wù mí bẹ́ẹ̀ ni."

Kókó ti tutù nínú kọ́ọ̀bù. Alhaji fi síbí rò ó.

"Ọ̀rá mi lẹ fi jà," Alhaji ní. "Òun jí ìwé rẹ. Ìwọ fi oníbàárà mi gbẹ̀san. Job, padà sídìí àpótí sípánà rẹ. Sàídátù, ipò náà ti di tìrẹ, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó mọ ẹ̀rọ wọ̀nyí. Kúẹ́rì náà ti di tìrẹ. Kí lẹ́tà méjèèjì wà nínú fáìlì rẹ pẹ̀lú ọjọ́ kan náà, kí o lè máa rí wọn pọ̀."

"Mo gbọ́, Alhaji. Ẹ ṣeun."

"Kí wọ́n tú pépà ara ògiri yẹn kúrò. Kí wọ́n kọ òmíràn tó péye. Ta ló máa kọ ọ́?"

Sàídátù kò ronú rárá.

"Job ni, Alhaji. Pẹ̀lú bírò."

Ó fèsì sí kúẹ́rì tirẹ̀ ní ìlà kan: Òótọ́ ni, mo rí i, n kò sọ̀rọ̀. Ó fàmì sí gbogbo rẹ̀.

Lójoojúmọ́ báyìí, ní agogo méjì ọ̀sán, Job á jókòó sídìí tábìlì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ kẹta, níbi tí gbogbo ènìyàn ti ń kọjá lọ sílé oúnjẹ. Ìwé àjákọ á wà níwájú rẹ̀. Sàídátù kì í fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Òun ló ń gbé e wá, òun ló ń gbé e lọ. Job á kọ ọ́, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn. Agogo mẹ́ta, Sàídátù á dé pẹ̀lú bírò pupa. Bí àmì kan bá sọnù, bó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan, á fa ojúewé náà ya láti òkè dé ìsàlẹ̀, láìyára, á gbé e lé e lọ́wọ́.

"Tún un kọ."

"Ẹ jọ̀ọ́, Màámi, ìparí ìlà ni mo ti fò ó."

"Mo rí i. Tún un kọ."

Àwọn tó ń kọjá á kí i: "Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o." Job á dáhùn. Kò sí ohun mìíràn tó lè ṣe.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Rachael fa Sàídátù sẹ́yìn àpótí hóró.

"Àǹtí, èmi gan-an ló fẹ́ lé kúrò níṣẹ́, mo sì ti gbàgbé ẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti wú. Ó tó báyìí."

Sàídátù wo ọ̀nà tábìlì náà. Job ti tẹ orí ba, ó ń fi ẹ̀sọ̀ fàmì lé lẹ́tà kan lórí.

"Ojúewé mélòó ló kù?"

"Mẹ́rìnlélógójì."

"Kò tíì tó."